Bí Tíṣà Bá Fẹ́ Di Olùṣekòkáárí: Lẹ́tà Ẹ̀gbọ́n Mi

Ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí ó ń gbé ní Ìbá fi lẹ́tà ìwáṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí mi lórí Wọ́ọ̀tísáàpù. Ó ní kí n bá òun yẹ Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ wò, nítorí pé ọjọ́ Ẹtì tí ń bọ̀ ni gbèdéke tí àjọ tí ó ń wá òṣìṣẹ́ náà fún àwọn èèyàn. Ọdún keje rẹ̀ nìyí tí ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì kékeré ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Okokomáíkò. Láàárín oṣù mẹ́rin, ó ti kọ lẹ́tà mẹ́sàn-án láti wá iṣẹ́ olùṣekòkáárí iṣẹ́ àkànṣe. Kò sí ẹnì kan tí ó pè é.

Kì í ṣe pé ó kórìíra iṣẹ́ tíṣà. Owó oṣù rẹ̀ ni kò ká owó ilé àti owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì mọ́. Ó wí fún mi pé ẹ̀ẹ̀kẹwàá ni òun yóò fi mọ. Bí ìdáhùn kò bá wá lọ́tẹ̀ yìí, òun yóò gba lẹ́sìnnì ìrọ̀lẹ́ kún iṣẹ́ tí òun ń ṣe, òun yóò sì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà.

Mo ka lẹ́tà náà. Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ kò ní àbùkù kankan. Síbẹ̀, nígbà tí mo kà á tán, n kò lè sọ ohun kan pàtó tí ẹni tí ó kọ ọ́ ti ṣe rí. Nítorí náà mo ṣe ohun tí iṣẹ́ mi kọ́ mi: mo túmọ̀ ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ sí Yorùbá, mo sì fi ohùn kà á ránṣẹ́ padà sí i. Báyìí ni ó rí:

"Èmi jẹ́ olùkọ́ tí ó ní ìtara, tí ó sì fi gbogbo ọkàn ṣiṣẹ́. Mo ní ẹ̀bùn ìdarí, mo mọ bí a ṣe ń bá ènìyàn ṣiṣẹ́ pọ̀, mo sì lè ṣiṣẹ́ lábẹ́ ìnira. Mo ń wá ipò tuntun tí yóò jẹ́ kí n lo ẹ̀bùn mi dé òpin."

Ẹ̀rín ni ẹ̀gbọ́n mi fi dáhùn. Ó ní bí ìyá wa àgbà bá gbọ́ ọ, wọn yóò béèrè pé, "Ó dáa, kí ni o wá ṣe?" Ìbéèrè tí ẹni tí ń gba òṣìṣẹ́ ń béèrè gan-an nìyẹn. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹ bá ní irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, ẹ dán an wò: ẹ sọ ọ́ ní èdè ilé yín fún ẹni tí kò mọ ọ́fíìsì. Gbólóhùn tí ó bá dà bí oríkì tí ènìyàn ń ki ara rẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ọ̀sán, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìyànà Ìbá, mo sì yà sí ilé rẹ̀. Ó ti tẹ ìkéde iṣẹ́ náà jáde. Àjọ kan tí kì í ṣe ti ìjọba ni ó fẹ́ dá àyè ìkàwé sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 12 ní agbègbè Òjó àti Àgbádárìgì. Iṣẹ́ mẹ́rin ni olùṣekòkáárí yóò máa ṣe: yóò tọ́jú ètò àkókò, yóò máa ṣọ́ owó àti rìsíìtì, yóò máa bá àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, òbí àti àwọn aṣáájú àdúgbò sọ̀rọ̀, yóò sì máa kọ ìjábọ̀ ní oṣooṣù. Wọ́n tún béèrè fún ọdún méjì ìrírí nínú iṣẹ́ àkànṣe.

Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ tọ́ka sí ìlà tí ó kẹ́yìn náà. "Èyí ni ó ń lé mi sẹ́yìn," ni ó wí. "Mo fẹ́ kọ ọ́ pé iṣẹ́ tíṣà náà, iṣẹ́ àkànṣe ni. Kò ha rí bẹ́ẹ̀ bí?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, kò rí bẹ́ẹ̀."

Ohun tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ fún un ni ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù, nítorí pé kò sí ará Okokomáíkò tí kò mọ ìtàn rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ ní ọdún 2010. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni èrò kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, láti Màrínà dé Máìlì 2. Okokomáíkò ni ètò náà ti ní kí ó parí sí, ipele kejì sì ni apá tí yóò dé ọ̀dọ̀ wa. Kíkọ́ ojú irin náà ni iṣẹ́ àkànṣe: ó ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní òpin, ó ní owó tirẹ̀, ó sì ní ohun kan tí kò sí tẹ́lẹ̀ tí yóò wà nígbà tí ó bá parí. Wíwa ọkọ̀ lórí ojú irin náà láràárọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ àkànṣe. Iṣẹ́ gidi ni, ó sì le, àmọ́ kò lópin; bí ó ti rí lónìí ni yóò rí lọ́la.

Kíkọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì dà bí wíwa ọkọ̀ náà. Ẹni tí ó bá pe gbogbo rẹ̀ ní iṣẹ́ àkànṣe nínú lẹ́tà, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yóò rí i lójú ẹsẹ̀ pé kò mọ ìyàtọ̀. Èyí tí ó burú jù ni pé kí tíṣà fún ara rẹ̀ ní orúkọ oyè tí kò jẹ rí. Bí wọ́n bá pe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ láti wádìí, ọ̀gá náà yóò sọ pé olùkọ́ ni, gbogbo òótọ́ tí ó kù nínú lẹ́tà náà yóò sì di irọ́ lójú wọn.

Àmọ́ nínú ọdún tíṣà, àwọn iṣẹ́ kan wà tí wọ́n jẹ́ iṣẹ́ àkànṣe ní tòótọ́, tí a kì í kà sí nítorí pé a kì í sanwó lọ́tọ̀ fún wọn. Mo ní kí ó ka gbogbo ohun tí wọ́n ti gbé lé e lọ́wọ́ láàárín ọdún méje, tí ó ní ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó parí. Ó kọ́kọ́ ní kò sí. Nígbà tí ó yá, ó rántí ọjọ́ ìfẹ̀bùndánilọ́lá tí ó ṣètò ní ọdún kan. Ó rántí ìforúkọsílẹ̀ àwọn ọmọ tí yóò ṣe ìdánwò àṣekágbá sẹ́kọ́ńdìrì kékeré. Lẹ́yìn náà ni ó dárúkọ ìrìn-àjò ẹ̀kọ́ sí Àgbádárìgì, ó sì mí kanlẹ̀. "Èyí fẹ́ pa mí," ni ó wí.

Mo mọ̀ pé a ti rí i. Iṣẹ́ tí ó fẹ́ pani ni ó máa ń ní ìtàn nínú.

Mo bi í ní ìbéèrè, mo sì ń kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Oṣù Kẹta ọdún 2024 ni. Akẹ́kọ̀ọ́ 54 àti olùkọ́ 6 ni wọ́n lọ wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n kọ́ parí ní ọdún 1845, wọ́n sì wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá sí erékùṣù Gbẹ̀rẹ̀fú, níbi tí wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú gba ojú òkun lọ. Ọmọ kọ̀ọ̀kan san ₦9,000, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ₦486,000. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ṣáájú ni ó ti pín lẹ́tà ìyọ̀ǹda fún àwọn òbí. Nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́tà 31 péré ni ó padà wá.

Mo ní, "Kí ni ẹ wá ṣe?"

Ó ní òun wò ó pé ọ̀pọ̀ òbí ń tajà ní Alábà. Wọ́n ń jáde kí ọmọ tó jí dáadáa, wọ́n sì ń wọlé lẹ́yìn tí ọmọ ti sùn. Lẹ́tà náà ń kú sínú báàgì ọmọ ni. Nítorí náà ó ka lẹ́tà náà sórí Wọ́ọ̀tísáàpù ní Yorùbá, ó bẹ olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan kí ó kà á ní Ìgbò, ó sì ń dúró sẹ́nu géètì láago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ láti gba ìfọwọ́sí lọ́wọ́ àwọn tí ó ń fi ọmọ sílẹ̀. Kí ó tó ku ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo lẹ́tà 54 ti pé.

Ní alẹ́ tí ilẹ̀ yóò mọ́ tí wọ́n yóò lọ, láago mẹ́sàn-án, ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ méjèèjì pè pé ẹ́ńjìnnì òun ti kọṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi kò sunkún. Ó ti gba nọ́ńbà awakọ̀ kẹta sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, wọ́n sì ti jọ ṣàdéhùn iye tí yóò gbà bí wọ́n bá pè é lójijì. Ó fi ₦25,000 lé iye ti tẹ́lẹ̀, láti inú owó tí ó yà sọ́tọ̀ fún ohun àìròtẹ́lẹ̀. Wọ́n fi ìṣẹ́jú 35 pẹ́ láti gbéra, wọ́n sì padà dé kí ó tó di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́.

Nígbà tí mo bi í nípa owó, ó wọ yàrá lọ, ó sì gbé fáìlì kan jáde. Ọkọ̀ méjèèjì jẹ́ ₦200,000, oúnjẹ àti omi jẹ́ ₦150,000, owó ìwọlé àti ọkọ̀ ojú omi jẹ́ ₦70,000, àfikún ọkọ̀ kejì jẹ́ ₦25,000. Àpapọ̀ ohun tí ó ná jẹ́ ₦445,000. Ó dá ₦41,000 tí ó ṣẹ́kù padà fún ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú gbogbo rìsíìtì. Fáìlì náà ti wà nísàlẹ̀ àpótí rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ó ń kọ lẹ́tà mẹ́sàn-án tí kò sẹ́ni tí ó dáhùn.

A fa ìlà sí àárín tákàdá kan. Ní apá òsì, a kọ iṣẹ́ mẹ́rin tí ìkéde náà béèrè fún. Ní apá ọ̀tún, a kọ ohun tí ó ṣe ní Àgbádárìgì tí ó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan mu. Ètò àkókò bá ọ̀sẹ̀ márùn-ún mu, owó bá fáìlì mu, bíbá ènìyàn sọ̀rọ̀ bá ẹnu géètì mu. Níwájú ìjábọ̀ oṣooṣù, kò sí nǹkan kan. A fi àyè náà sílẹ̀ ní òfìfo, nítorí pé òfìfo náà yóò wúlò.

Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ lẹ́tà tuntun náà, nítorí pé òun ni àjọ náà ń kà. Ìtumọ̀ rẹ̀ nìyí:

"Sí Alábòójútó Ètò,

Mo ń kọ̀wé láti béèrè fún iṣẹ́ olùṣekòkáárí lórí àyè ìkàwé tí ẹ fẹ́ dá sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ 12 ní Òjó àti Àgbádárìgì. Ọdún méje ni mo ti fi ṣe olùkọ́ ní Okokomáíkò. Láàárín àkókò náà, mo ti darí iṣẹ́ mẹ́ta tí ó ní ọjọ́ ìparí tirẹ̀. Èyí tí ó jọ iṣẹ́ yín jù lọ ni ìrìn-àjò ẹ̀kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ 54 sí Àgbádárìgì ní oṣù Kẹta ọdún 2024.

Mo ṣètò rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, pẹ̀lú ₦486,000 tí àwọn òbí san. Nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́tà ìyọ̀ǹda 31 péré ni ó padà. Mo rí i pé ọ̀nà tí a gbà fi ránṣẹ́ ni kò dé ọ̀dọ̀ àwọn òbí tí ó ń tajà, mo yí i padà sí ohùn ní èdè méjì àti ìpàdé ẹnu géètì, gbogbo lẹ́tà 54 sì pé. Ní alẹ́ tí ó ṣáájú ìrìn-àjò, ọkọ̀ kan kọṣẹ́. Mo fi èyí tí mo ti bá ṣàdéhùn tẹ́lẹ̀ rọ́pò rẹ̀, láì ju owó tí a ní lọ. Mo dá ₦41,000 padà fún ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú rìsíìtì.

Ẹ béèrè fún ọdún méjì nínú iṣẹ́ àkànṣe. N kò tíì di irú ipò bẹ́ẹ̀ mú rí, n kò sì tíì kọ ìjábọ̀ fún àwọn tí ń náwó sí ètò. Mo ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ wákàtí 23 tí a ń béèrè kí ènìyàn tó jókòó fún ìdánwò CAPM, mo sì ti parí wákàtí 14.

Ohun tí mo mọ̀ láti inú ni ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kì í ráyè gba àlejò ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ sáà tàbí nígbà ìdánwò. Bí ẹ bá fẹ́ dé ilé ẹ̀kọ́ 12 láàárín sáà kan, láàárín ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹsàn-án ni ó yẹ kí gbogbo àbẹ̀wò bọ́ sí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mo gbọ́dọ̀ fi tó ilé ẹ̀kọ́ mi létí kí n tó lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ yín."

Ó tán. Ojú ewé kan kò kún. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí a fi ṣe àwọn nǹkan kan bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ yọ ọ̀rọ̀ lẹ́tà 31 àti ọkọ̀ tí ó kọṣẹ́ kúrò, ó ní ó ń ta àbùkù òun. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi í sílẹ̀. Iṣẹ́ tí kò sí ohun tí ó dàrú nínú rẹ̀ kò nílò olùṣekòkáárí. Ohun tí àjọ náà fẹ́ mọ̀ ni bóyá ènìyàn máa ń tètè rí i pé nǹkan ń yẹ̀, àti bóyá ó ti múra sílẹ̀ kí ó tó yẹ̀. Nọ́ńbà awakọ̀ kẹta dáhùn ìbéèrè méjèèjì.

Ìdí tí ó fi fẹ́ kúrò nílé ẹ̀kọ́ kò sí nínú lẹ́tà náà. Nínú ti tẹ́lẹ̀, ó ti fi ìpínrọ̀ kan ṣàlàyé pé owó tíṣà kéré àti pé ó ti sú òun. Òótọ́ ni, àmọ́ kò ran ẹni tí ń kà á lọ́wọ́ láti mọ bóyá yóò lè ṣe iṣẹ́. Bí wọ́n bá béèrè níwájú rẹ̀, kí ó dáhùn ní gbólóhùn kan, kí ó má sì bú ibi tí ó ti ń bọ̀.

Òfìfo tí a fi sílẹ̀ lórí tákàdá ni ó di ìpínrọ̀ kẹta. Bí a bá fi í pamọ́, ẹni tí ó ń fi lẹ́tà wé ìkéde yóò rí i fúnra rẹ̀, yóò sì rò pé a fẹ́ tan òun. Bí a bá sọ ọ́ ní gbólóhùn méjì, tí a sì sọ ibi tí a bá a dé, ọ̀rọ̀ ti parí. Wákàtí 14 ni ó kà, wákàtí 14 náà ni a kọ. Ó fẹ́ kọ ọ́ pé òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìwé ẹ̀rí náà, mo kọ̀ fún un, nítorí pé ìdánwò tí a kò tíì ṣe kì í ṣe ìwé ẹ̀rí.

Ìpínrọ̀ ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹsàn-án sì ni mo fẹ́ràn jù. Ẹni tí ó ti ṣe iṣẹ́ àkànṣe fún ọdún mẹ́wàá ní ọ́fíìsì lè má mọ̀ ọ́n. Tíṣà mọ̀ ọ́n bí ó ti mọ orúkọ ara rẹ̀, débi pé kò rò pé ìmọ̀ ni. Ibẹ̀ ni ọdún méje rẹ̀ ti di àǹfààní fún ẹni tí ó fẹ́ gbà á síṣẹ́.

Ó fi í ránṣẹ́ ní ọjọ́ Ọjọ́rú. Ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn náà ni wọ́n pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ó sọ fún mi pé ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé, "Awakọ̀ kẹta yẹn, báwo ni ẹ ṣe mọ̀ pé ẹ máa nílò rẹ̀?" Ó ní òun rẹ́rìn-ín, òun sì sọ fún wọn pé gbogbo ẹni tí ó bá ń gba ọ̀nà Àgbádárìgì lójoojúmọ́ ló mọ̀.

Wọn kò fún un ní ipò olùṣekòkáárí. Ẹni tí ó ti ṣe irú iṣẹ́ náà fún ọdún mẹ́rin ni wọ́n fún. Wọ́n fún ẹ̀gbọ́n mi ní ipò igbákejì rẹ̀, pẹ̀lú àdéhùn oṣù mẹ́fà, nítorí pé oṣù mẹ́fà ni owó ètò náà lè gbé. Owó oṣù rẹ̀ ju ti ilé ẹ̀kọ́ lọ, àmọ́ kò sí ẹni tí ó lè ṣèlérí oṣù keje fún un. Bí iṣẹ́ àkànṣe ti rí nìyẹn: òpin tí ó ní, ó kan àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ pẹ̀lú.

Ó ronú sí i fún ọjọ́ mẹ́ta, ó bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì gbà á. Ní alẹ́ tí ó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, ó pè mí. "Bí oṣù mẹ́fà bá pé ń kọ́?" ni ó bi mí.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ra fáìlì tuntun láti ọ̀la. Ẹ máa kó ìjábọ̀ tí ẹ bá kọ sínú rẹ̀ ní oṣooṣù."

Ó ní òun ti rà á.